Ẹ̀jẹ̀ tí Ìdílé Pyncheon Mu

Ọjọ́ ìṣílé ni. Wọ́n ti sun odindi màlúù kan, ẹja ń hó nínú ìkòkò, ọtí sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè mu tán lọ. Tẹrútọmọ ló ti wọ aṣọ tó dára jù lọ lápótí rẹ̀, wọ́n ń wọlé sínú ilé tuntun kan tí òrùlé rẹ̀ yọ ṣóńṣó méje sókè. Gbogbo ènìyàn ti dé, àyàfi ẹni tó pè wọ́n. Igbákejì gómìnà pàápàá ti sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, kò rí ẹni pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìránṣẹ́ ní ọ̀gá òun wà nínú yàrá rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan ilẹ̀kùn. Igbákejì gómìnà bínú, ó fi ìdí idà rẹ̀ kan ilẹ̀kùn náà títí, kò gbọ́ ohùn kankan. Níkẹyìn, atẹ́gùn kan fẹ́ gba inú ilé kọjá, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pyncheon jókòó lórí àga rẹ̀ lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ tó wà lára ògiri, ó dijú mọ́rí bí ẹni tí àwọn àlejò wá dá lọ́wọ́ kọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré nìkan ló láyà láti sá lọ bá a. Nígbà tí ọmọ náà rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó sì figbe ta. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sára irùngbọ̀n bàbá àgbà, ó ti rin kọ́là funfun ọrùn rẹ̀ gbingbin.

Báyìí ni ìwé ìtàn kan tí Nathaniel Hawthorne kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Bọ́sítìn lọ́dún 1851, ṣe bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó sọ ọ́ ni ilé olórùlé ṣóńṣó méje. Ìtàn iwin pọ̀ lóríṣiríṣi. Nínú èyí tó pọ̀ jù, iwin kàn wà níbẹ̀ ni; ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni yóò dẹ́rù bà, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n irú ìtàn kan wà tó jẹ́ pé iwin náà ní ìdílé tó ń bá jà, ohun tó sì ń ṣe nínú ilé kò yàtọ̀ sí ohun tí ìdílé náà ṣe tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á rí, ìwé Hawthorne yìí ni mo máa ń mú sílẹ̀, nítorí pé kò sí àmì kan nínú rẹ̀ tí a kò lè tọpa rẹ̀ padà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó bí i.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Tálákà kan tó ń jẹ́ Matthew Maule ló kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣán igbó ibẹ̀. Ó kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìsun omi kan tó mọ́, tó sì dùn mu, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní àgbègbè tí omi òkun yí ká. Nígbà tí ìlú fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pyncheon wọ ilẹ̀ náà. Ó mú ìwé ìjọba jáde, ó ní ilẹ̀ òun ni. Maule kò gbà, ó sì di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Ìgbà tí ìbẹ̀rù àjẹ́ gba gbogbo agbègbè náà kan ni ẹjọ́ ọ̀hún tó rí ojútùú: wọ́n ní oṣó ni Maule, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Kò sẹ́ni tó pariwo ju Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ pé kí wọ́n fọ ìlú mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún Maule, Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó lórí ẹṣin, ó ń wò ó. Maule nawọ́ sí i pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ó sì fi í ré pé Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ mu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n wó ilé kékeré náà, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá sórí rẹ̀.

Ẹni tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé iṣẹ́ ilé náà fún ni Thomas Maule, ọmọ ọkùnrin tí wọ́n yẹgi fún. Hawthorne kò pariwo lé èyí lórí. Ó ní káfíńtà tó mọṣẹ́ jù lọ nígbà náà ni, ó fẹ́ rí owó jẹun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fara balẹ̀ kàwé yóò ti mọ̀ pé ọmọ olóògbé ló mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú ilé náà, àti pé àwọn tí yóò máa jogún rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tó o.

Ẹ wá wo bí iwin ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìsun omi ni ohun àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n parí ilé tí omi náà fi yí padà, tó di omi líle oníyọ̀, débi pé inú máa ń run ẹni tó bá mu ún. Hawthorne ní bóyá ihò tí wọ́n gbẹ́ fún àjà ilẹ̀ ló da ọ̀nà omi rú, bóyá ohun mìíràn sì ni. Ohun tí ó dájú ni pé nítorí ilẹ̀ olómi dídùn yìí ni wọ́n ṣe pa ènìyàn, omi náà sì kọ̀ fún wọn. Ìkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ọ̀fun tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi pariwo pé kí wọ́n pa Maule ni ẹ̀jẹ̀ gbà kún. Ìkẹta ni ìwé. Ìwé ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi gba ilẹ̀ tálákà; ìwé mìíràn náà ló pòórá mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kú, ìyẹn ìwé tí àwọn olóyè onílẹ̀ àkọ́kọ́ fọwọ́ sí fún un lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ bí ìjọba ní agbègbè Mẹ́ẹ̀nì. Ìran lẹ́yìn ìran ni wọ́n fi ń wá ìwé náà. Àwọn mìíràn nínú wọn di aláìní pátápátá, síbẹ̀ wọ́n ń rò ó lọ́kàn pé àwọn ṣì máa di ọba lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ mìíràn ti ń dáko sí láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwòrán Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ìkẹrin. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò lára ògiri yàrá tí òun kú sí. Nítorí náà, bí ilé bá ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ìdílé, ojú bàbá àgbà náà wà lára ẹrù tó jogún. Bí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá sí, bẹ́ẹ̀ ni ìwà ẹni tí wọ́n yà ń hàn sí i. Àti pé ẹ̀yìn àwòrán yìí gan-an ni ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń wá wà ní gbogbo ìgbà yẹn, nínú ihò kan tí Thomas Maule gbẹ́ sínú ògiri nígbà tó ń kọ́lé. Wọ́n bẹ̀rù àtigbé àwòrán náà kúrò, wọ́n bẹ̀rù àtiwo ohun tó bò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni wọn kò fi rí ìwé wọn.

Èyí ni ọ̀nà tí mo fi ń mọ ìtàn iwin ìdílé tó dúró dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dúró. Ẹ fi ọkàn gbé iwin náà kúrò nínú ilé rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn. Bó bá jẹ́ pé ariwo ẹsẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tàbí ilẹ̀kùn tó ń ṣí òru, kò sí ohun tó bàjẹ́, yóò bani lẹ́rù níbẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé omi oníyọ̀ Maule lọ sí ilé ẹni tí kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ó rí i pé ó kàn di omi tí kò dára lásán. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé Hawthorne ló ṣìṣe níbí. Wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ àti òkùnkùn àti ohùn ẹkún jọ, nígbà tó bá sì di òpin ìwé, wọ́n á sáré wá ìwà ìkà kan tí wọ́n á so gbogbo rẹ̀ mọ́. Òǹkàwé máa ń mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló kẹ́yìn dé.

Ó lé ní ọdún 150 lẹ́yìn ikú Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí ìtàn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ìdílé náà ti gbẹ. Arúgbó obìnrin kan tí kò lọ́kọ, Hepzibah Pyncheon, ló kù nínú ilé ńlá náà. Ìṣẹ́ ti mú un débi pé ó níláti ṣí ìsọ̀ kékeré sí iwájú ilé, kó máa ta abẹ́rẹ́ àti bisikíìtì oníkọ́bọ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ojú sì ń tì í bí ẹni pé ó jalè. Ojú rẹ̀ tí kò ríran jìnnà ló ń mú kó máa fajú ro, ni àwọn ènìyàn bá ń sọ pé ó burú. Àwọn adìyẹ inú ọgbà pàápàá, tí àwọn babańlá ti ń sìn wọ́n fún ọjọ́ pípẹ́, ti ń bá ara wọn gùn títí wọ́n fi rán, wọ́n sì ṣe bí arúgbó láti inú ẹyin. Mo fẹ́ràn ibi àwọn adìyẹ yìí púpọ̀. Hawthorne kò sọ pé ìdílé Pyncheon ti ń gba inú ara wọn gbó. Ó ní ká wo inú àgò adìyẹ.

Àbúrò Hepzibah, Clifford, lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ní ó pa ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Ìtàn ikú ọkùnrin àgbà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé díẹ̀ ni Hawthorne fún un. Àpọ́n olówó kan ni, ó fẹ́ràn àtimáa ka ìwé àtijọ́. Nígbà tó ti ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Maule títí, ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n ṣìkà pa ọkùnrin náà ni, pé ìdílé òun kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé tí àwọn ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ dá ilé padà fún ẹnikẹ́ni tó bá kù nínú ìran Maule. Jìnnìjìnnì bá àwọn ẹbí. Láàárín gbogbo ìran Pyncheon, òun nìkan ni ẹni tó fẹ́ ya ẹnu sọ ọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ọmọ àbúrò rẹ̀ mìíràn, Jaffrey, wọ yàrá rẹ̀ lóru, ó ń tú àpótí rẹ̀. Bàbá náà jí bá a. Ìpayà mú un, àrùn kan tó wà nínú ìdílé náà láti ìgbà pípẹ́ gbé e, ẹ̀jẹ̀ dí i lọ́fun, ó ṣubú, ó sì forí gbá igun tábìlì. Jaffrey kò pè ẹnikẹ́ni. Ó dúró níbẹ̀, ó ń bá àpótí lọ. Ó rí ìwé ìhágún tuntun tó fi ogún fún Clifford, ó pa á run, ó fi ti àtijọ́ tó fi ogún fún òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún àwọn nǹkan inú yàrá tò kí gbogbo ẹ̀rí lè máa tọ́ka sí Clifford. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ rò ó pé wọ́n máa pe ọ̀rọ̀ náà ní ìpànìyàn. Nígbà tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn sọ ọ́ di olówó, ó sọ ọ́ di adájọ́, àwọn ènìyàn sì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú pópó.

Ẹ rí i pé ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀: ẹnìkan fẹ́ ohun ìní ẹnìkejì, ilé ẹjọ́ sì bá a gbà á nípa dídá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Clifford wá dúró síbi tí Maule dúró, ẹni tó tì í síbẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ìdílé. Hawthorne kò jẹ́ ká ṣiyèméjì lórí èyí. Ayálégbé kan wà nínú ilé náà, Holgrave, tó ń fi ẹ̀rọ tuntun ìgbà náà ya fọ́tò. Nígbà tó fi fọ́tò Adájọ́ Jaffrey han Phoebe, ọmọbìnrin ìbátan wọn tó wá láti ìgbèríko, Phoebe rò pé àwòrán Kọ́nẹ́ẹ̀lì lára ògiri ni. Adájọ́ ní ẹ̀rín tó máa ń tàn lójú gbogbo ayé, oòrùn inú ẹ̀rọ sì kọ̀ láti ya ẹ̀rín náà. Ìgbà mìíràn tí Adájọ́ náà hú ọ̀fun rẹ̀, ìró tó jáde mú kí ara Phoebe bù máṣọ, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ró lọ́fun àwọn Pyncheon.

Holgrave alára, ọmọ ìran Maule ni, ó kàn fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ ni. Ìran Maule náà kò sì mọ́ tónítóní. Ó sọ ìtàn Alice Pyncheon fún Phoebe, ọmọbìnrin arẹwà ìgbà àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí káfíńtà Maule kan, ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n yẹgi fún, fi ojú mú lọ́kàn, nítorí pé bàbá náà ń retí pé wọ́n á gba ibẹ̀ mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ó ta ọmọ rẹ̀ nítorí ìwé. Láti ọjọ́ náà ni Alice ti di ẹrú ìfẹ́ inú Maule. Níbikíbi tó bá wà, bí ọkùnrin náà bá ní kó rẹ́rìn-ín, yóò rẹ́rìn-ín, bó bá ní kó jó, yóò jó, títí ó fi kú. Wọ́n ní a ṣì máa ń gbọ́ dùùrù rẹ̀ nínú ilé bí ẹnìkan nínú ìdílé bá fẹ́ kú. Bí Holgrave ti ń sọ ìtàn yìí, ó rí i pé ojú Phoebe ti ń pa dé, pé agbára àwọn babańlá rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun náà, ìṣẹ́jú kan sì tó láti fi mú ọmọbìnrin náà. Ó jí i. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìjà ìdílé méjèèjì ti parí, kì í ṣe níbi ìgbéyàwó wọn tó wá lẹ́yìn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Adájọ́ wá sí ilé náà láti fi agbára mú Clifford sọ ibi tí ìyókù ọrọ̀ bàbá àgbà wà. Ó ní bí kò bá sọ, òun á jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ ilé àwọn wèrè. Ó jókòó lórí àga Kọ́nẹ́ẹ̀lì láti dúró dè é. Kò dìde mọ́. Hepzibah àti Clifford sá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, Hawthorne sì fi odindi orí kan jókòó ti òkú náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí ọ̀lẹ: pé oúnjẹ alẹ́ ti dé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fà á kalẹ̀ fún ipò gómìnà; pé aago ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ró. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, gbogbo Pyncheon tó ti kú rí tò wọlé, wọ́n ń wá dì mọ́ àwòrán Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi etí rẹ̀ wò bóyá ó ṣì dúró gbọin. Adájọ́ wà lára wọn. Lẹ́yìn náà òǹkọ̀wé ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun lójú, kí a má ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí òtítọ́.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àmì inú ilé ni ó fún ní ìtumọ̀ méjì: èpè Maule, tàbí àrùn ìdílé tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ já lójijì. Àwọn kan rò pé ó ń sá fún ọ̀rọ̀ ni. Èmi rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí èpè nìkan bá ni, ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Ìdílé Pyncheon yóò di ẹni tí oṣó ń yọ lẹ́nu. Bí àrùn nìkan bá ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rárá. Bó ti jẹ́ pé a kò lè yan ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo tí kò ṣeé jiyàn ló kù lójú wa: ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ lọ.

Hawthorne kò wá irú ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Ìlú Sálẹ́mù ní Masashúsẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1804. Babańlá rẹ̀, John Hathorne, wà lára àwọn adájọ́ tó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn lẹ́nu wò ní 1692. Ènìyàn 19 ni wọ́n yẹgi fún lọ́dún náà, wọ́n sì fi òkúta tẹ àgbàlagbà kan, Giles Corey, pa. Ní 1697, adájọ́ mìíràn nínú wọn, Samuel Sewall, dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n ka ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ìjọ. John Hathorne kò ṣe irú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1717. Hawthorne fi lẹ́tà kan kún orúkọ ìdílé rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, kò kọ ọ́ bí babańlá rẹ̀ ti ń kọ ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó ṣáájú èyí pé òun tẹ́wọ́ gba ìtìjú wọn.

Èpè ẹ̀jẹ̀ mímu náà kì í ṣe àròsọ rẹ̀. Ìtàn Sálẹ́mù sọ pé Sarah Good ló fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá pásítọ̀ Nicholas Noyes lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n yẹgi fún un, 19 Oṣù Keje 1692, nígbà tí pásítọ̀ náà ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́wọ́. Orúkọ Maule náà jẹ́ orúkọ ẹni gidi: Thomas Maule, oníṣòwò Sálẹ́mù tó kọ ìwé ní 1695 láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aláṣẹ, tí wọ́n sì tì mọ́lé nítorí rẹ̀. Ẹni tí Hawthorne kò fi ẹnu adájọ́ Pyncheon sọ̀rọ̀ fún nínú ìwé náà ni babańlá tirẹ̀. Kò sí Hathorne kankan nínú ìtàn. Ó kó ẹ̀bi ìdílé rẹ̀ sínú ìdílé tó fi orí ara rẹ̀ dá, ó wá gbé e sórí ògiri.

Ibi tí ìwé náà ti já mi kulẹ̀ ni òpin rẹ̀. Ọmọ Adájọ́ kú sí òkè òkun, gbogbo ọrọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Clifford, Hepzibah àti Phoebe. Phoebe fẹ́ Holgrave. Holgrave tẹ ohun kan lára àwòrán, ó já lulẹ̀, ìwé ilẹ̀ yọ sí wọn, kò sì níye lórí mọ́. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn kó lọ sí ilé ìgbèríko tí Adájọ́ kọ́. Ilé yẹn ńkọ́? Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ńkọ́? Owó ìhágún tí Jaffrey jí ni. Kò sẹ́ni tó jáde sọ fún ìlú pé Maule kò jẹ̀bi. Clifford pàápàá, wọn kò dá a láre ní gbangba, nítorí Hawthorne ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n jẹ ogún, wọ́n lọ. Bí mo bá fi ìwọ̀n ìwé náà fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, iwin kan wà nínú ẹrù tí wọ́n kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ́jọ́ náà.

Ilé tí àwọn ènìyàn ń wá wò lónìí gẹ́gẹ́ bí ilé inú ìwé yìí ṣì dúró ní Sálẹ́mù. Oníṣòwò ojú òkun kan, John Turner, ló kọ́ ọ ní 1668. Susanna Ingersoll, ìbátan Hawthorne, ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà tí òǹkọ̀wé náà máa ń yà síbẹ̀, wọ́n sì ti wó púpọ̀ nínú ṣóńṣó òrùlé náà kúrò nígbà yẹn. Hawthorne sọ níwájú ìwé rẹ̀ pé atẹ́gùn lásán lòun fi kọ́ ilé tòun. Nígbà tí Caroline Emmerton ra ilé náà ní 1908, ó dá àwọn ṣóńṣó padà, ó ṣe ìsọ̀ bíi ti Hepzibah sí i, ó sì kọ́ àtẹ̀gùn ìkọ̀kọ̀ sí ẹ̀yìn ibi ìdáná. Ní 1910 ló ṣí i fún àwọn olùbẹ̀wò, owó tó ń tibẹ̀ wọlé ló sì fi ń ran àwọn àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà lọ́wọ́.

Ní ti àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní tòótọ́, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ orúkọ wọn mọ́ láti 1711, nígbà tí wọ́n sanwó fún àwọn ìdílé kan. Ó gba ìbéèrè àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sì ní ìran tí yóò béèrè fún un ni wọ́n gbàgbé. Elizabeth Johnson ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un ní 1693, wọn kò pa á, ṣùgbọ́n kò bímọ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àjẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún 300. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Áńdófà Àríwá, àgbègbè tó ti wá, ni wọ́n bá a kọ̀wé sí ilé aṣòfin, wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ní Oṣù Keje 2022 ni Masashúsẹ́ẹ̀tì pa ìdálẹ́bi náà rẹ́, òun ló sì gbẹ̀yìn nínú wọn.